Ojú Tí Kò Dun Ìyá Aránṣọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin tó ń gba káàdì nílé ìwòsàn ojú máa ń bi èèyàn: "Ṣé ó ń dùn yín?" Ẹni tó bá ní ó ń dun òun á wọlé kíá. Ẹni tí kò bá dùn á gba ọjọ́ tó máa wá fún gíláàsì lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní kí ọkùnrin kan tí ojú ẹ̀ pọ́n, tó ń dùn ún, tí kò lè wo iná, wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dáa. Ìyá aránṣọ àdúgbò agbàkáàdì yìí ló tẹ̀ lé ọkùnrin náà.

"Ọmọ mi, láti àná ni iná ti ń kọ mànà lójú ọ̀tún mi, tí nǹkan dúdú wínníwínní ń fò kiri bí eṣinṣin."

"Ṣé ó ń dùn yín, mà?"

"Rárá o."

"Ọjọ́ orí ni, mà. Gíláàsì tuntun lẹ nílò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ wá."

Nígbà tí ìyá padà wá, ó fi èjìká ọ̀tún kọ lu ilẹ̀kùn. Ó ní àfi bíi pé wọ́n ta kọ́tìnnì bo ojú náà.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fìbínú jáde. "Awọ ẹ̀yìn ojú ti ṣí kúrò! Ká ní mo rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá ni, bóyá ǹ bá ti dí ibi tó ya. A máa ṣiṣẹ́ abẹ o, àmọ́ kò dájú pé á ríran bíi ti tẹ́lẹ̀."

Agbàkáàdì kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá fọwọ́ wá orí ẹ̀ kàn.

"Dìde, ọmọ mi. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti parọ́ fún ẹ pé ó ń dùn mí."