Ọdún Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Búra Lé

Bọ̀ọ̀dá mi Gbénró kì í gbọ́ràn, pàápàá tó bá jẹ́ ẹnu mi lọ̀rọ̀ ti jáde. Agbẹjọ́rò ni mí, èmi ni mò ń bá a tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Wharf Road, àmọ́ lójú rẹ̀, Ọmọ́lẹ́yẹ tí òun pọ̀n dàgbà ni mí títí dòní.

Tírélà ni iṣẹ́ rẹ̀, kíkó kọ̀nténà jáde ní pọ́ọ̀tù. Nígbà tó fẹ́ dá dúró ní 2017, kò forúkọ tuntun sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ní Àpápá lòun náà ṣe: ó ra ilé-iṣẹ́ tó ti dàgbà. Ọ̀gbẹ́ni Ephraim kan ní GRA ló tà á fún un. Òkunlọlá ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ó ti ní ìwé-ẹ̀rí láti 2009, ṣùgbọ́n Ephraim ní kò ṣiṣẹ́ kankan rí, pé ìwé lásán ni. Wọ́n yí orúkọ àwọn olùdarí padà ní CAC, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó parí. Mo ní ká kọ́kọ́ wádìí. Ó ní ìwádìí kí ni, ṣé òun fẹ́ fi ṣaya ni?

Lọ́dún yìí, tẹ́mínà kan ní pọ́ọ̀tù fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń wá. Mo ṣàlàyé fún bọ̀ọ̀dá mi pé ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́tọ̀. CAC á sọ ti àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ti èkejì, èèyàn ní láti wá iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Tiwa, 2017 ni.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ la fi ń ka ọjọ́ orí ẹ̀," ó ní. "A kì í dúró dìgbà tó bá rìn."

Inú bí mi gidi. Mo kọ̀ láti bá a kọ ìwé ìbúra tí tẹ́mínà ní kó mú wá. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹnìkan bá a tẹ̀ ẹ́ níta, ó wọlé, ó sì búra pé òun fúnra òun lòun ti ń darí Òkunlọlá lẹ́nu iṣẹ́ láti 2009. Ó tún ní kí wọ́n kọ ÒKUNLỌLÁ, LÁTI 2009 gàdàgbà sára gbogbo tírélà.

Tẹ́mínà ò gba ìyẹn tán. Wọ́n fẹ́ rí ẹnì kan tó mọ Òkunlọlá ṣáájú 2017, bọ̀ọ̀dá mi sì ní kí n lọ wá a. Mo gbà láti lọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀, torí mo fẹ́ padà wá sọ fún un pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kó lè lọ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Sítóò kan ni mo bá, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ síwájú ibẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀ tí wọn kì í fi àyè ṣòfò. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Ebimobowei jókòó sí ilé kejì. Mo kí i, mo dárúkọ Òkunlọlá. Ó dìde.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ wọlé kó tilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ní 2012, ó ní, tírélà Òkunlọlá máa ń já dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn sítóò náà. Dúrọ́ọ̀mù kan jò lóru, ọmọ mẹ́rin ò sì jí mọ́. Àwọn tó ni ín sá lọ, ọlọ́pàá ò rí ẹnì kankan mú.

"One mama still dey find dem," ó ní. "Oghogho. Kò sí ọjọ́ tí kì í lọ Àpápá lọ wo ara tírélà, bóyá òun á rí orúkọ wọn."

Ẹ̀rù bà mí. Bí ilé-iṣẹ́ bá tilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́, òun náà ni, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba bọ̀ọ̀dá mi fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ni pé kò sí níbẹ̀ ní 2012. Òun gan-an ló sì ti fẹnu ara rẹ̀ búra pé òun wà níbẹ̀.

Mo pè é. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Òkunlọlá ṣiṣẹ́ ní 2012 lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo sọ ọ́!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò ti dé, ká ríra tí mo bá dé. Ó pa fóònù. Mo pè é títí, kò gbé e mọ́, mo bá kó sínú kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí.

Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì, obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan. Bàtà ọlọ́pàá ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà. Bọ̀ọ̀dá mi ti gbé móòtì tútù fún wọn, ó rò pé oníbàárà ni wọ́n.

Mo ní kó má dáhùn ìbéèrè kankan. Ó juwọ́ sí mi, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, lọ́yà ni àbúrò òun, gbogbo nǹkan ló máa ń bà á lẹ́rù.

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, sà," obìnrin náà ní. "Ní 2012, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń darí Òkunlọlá?"

"Èmi fúnra mi, ìyá. Àbúrò mi yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀, ó rí ẹni tó mọ̀ wá nígbà yẹn."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ojú mi. Obìnrin náà gbé móòtì rẹ̀ sílẹ̀ láìṣí i, ó yíjú sí mi.

"Ṣé Bàbá Ebimobowei sọ orúkọ ọmọ mi fún ẹ?" ó ní. "Tega ni."