Ọjọ́ tó wà nínú fáìlì Bọ̀dá Àmúsà

Ọjọ́ inú ìwé ni Nùsírátù ń wá jáde ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Amuwo-Odofin. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì níbẹ̀ tàbí kó máa tajà fún wọn, òun ló ń yẹ fáìlì onítọ̀hún wò, táá sì tẹ ọjọ́ mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà: ọjọ́ tí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ máa kú, ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí owó orí máa kú, ọjọ́ tí ìnṣọ́ráǹsì tó ń sanwó ìtọ́jú ọmọṣẹ́ tó bá fara pa máa parí. Iṣẹ́ tí kì í mú èèyàn làágùn ni, àmọ́ kò fẹ́ àìfarabalẹ̀ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó ń wo fáìlì Balqees, obìnrin tó ń ta páálí. Wọ́n há rìsíìtì owó tó san mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀. Nùsírátù rántí fáìlì mìíràn. Ṣé rìsíìtì wà nínú ti Bọ̀dá Àmúsà?

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Bọ̀dá Àmúsà, ará Ijegun-Egba, tó máa ń kun táǹkì omi ilé iṣẹ́ náà. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, ṣe ló kàn sáré fojú wo fáìlì rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fà á yọ báyìí. Ìwé owó orí dára, ti 2004, 2005 àti 2006 ló wà nínú rẹ̀. Títí òpin ọdún ló máa fi ṣiṣẹ́. Ìwé àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ìnṣọ́ráǹsì ti kú ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà. Ọjọ́ tó tẹ̀, ti oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, inú lẹ́tà tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì fi ń rán Bọ̀dá létí pé kó wá sanwó ọdún tuntun ló ti rí i. Kò sí rìsíìtì, kò sì sí ìnṣọ́ráǹsì.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọṣẹ́ Bọ̀dá ti wà lórí táǹkì.

Ó kọ́kọ́ ronú pé kóun dákẹ́ títí dìrọ̀lẹ́. Ojú tì í nítorí èrò náà. Ó sáré lọ bá Ọ̀gá Olúgbóyèga, tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀.

“Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bọ̀dá Àmúsà fi ìbínú tọ Nùsírátù wá.

“Nùsírátù! Ìwọ tí mo gbé pọ̀n! Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ sanwó yẹn, jàre!”

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Tí ẹ bá mú rìsíìtì wá, wọ́n á padà gun òkè.”

Bọ̀dá kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ sí géètì. Seth, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, dúró, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀dà.

“Àǹtí, látìgbà wo ni ìnṣọ́ráǹsì yẹn ti kú?”

“Oṣù kẹfà.”

Seth gbójú sókè wo táǹkì náà.

“Mo ṣubú lórí rẹ̀ lóṣù keje,” ó ní. “Okùn tí mo so mọ́ra ló gbé mi dúró.”