Ìwé Tí Sìdíkátù Kọ fún Adájọ́

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ní kí o kọ ìbànújẹ́ rẹ fún kóòtù, rọra ṣe o. Ẹni tó ṣe ọ́ níbi náà á kà á.

Sìdíkátù ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí wọ́n jọ háyà ilé ní Ìdímù, ló lu Raheem, ọkọ Sìdíkátù, pa nídìí omi ẹ̀rọ. Kóòtù ní ó jẹ̀bi, pé ó pa á, ṣùgbọ́n kò pète ẹ̀. Ó wá ku kí adájọ́ sọ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n. Àwọn àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ́ sì ti lérí pé àwọn á wá Sìdíkátù àti Mubarakah, ọmọ rẹ̀, kàn. Ló bá kó lọ sí Egan láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kóòtù ní kó kọ ohun tí ikú náà fà fún un sínú ìwé. Ní ọ́fíìsì ìjọba n'Íkẹjà, Olúrẹ̀mí, lọ́yà ìjọba tó ń pe Ọmọ́tọ́ṣọ́ lẹ́jọ́, ka ìwé náà.

"Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n yẹgi fún un."

"Àbí kí n ní kí wọ́n fún un ní ìrẹsì ni?"

Olúrẹ̀mí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyà tó máa jẹ, ọwọ́ adájọ́ nìyẹn wà. Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti gbá yín létí rí náà, a ò sọ ọ́ nígbà ẹjọ́, kò lè wọlé mọ́. Ohun tí ikú yẹn sọ yín dà ni kẹ́ ẹ kọ."

"Mubarakah kì í sùn. A ń gbé e lọ ọsibítù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A máa fún lọ́yà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní ẹ̀dà kan, ó sì lè bi yín ní ìbéèrè lórí ẹ̀."

Sìdíkátù gba ìwé náà padà. Ó ti kọ Egan síbẹ̀, ó kọ orúkọ ọsibítù, ó kọ ilé kéwú ọmọ. "Ẹ yá mi ní bírò, jàre." Ó pa wọ́n rẹ́ títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Wọ́n tún un tẹ̀, ó búra sí i, ó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, lọ́yà Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọ́kọ́ bẹ adájọ́ pé kó ṣàánú, pé oníbàárà òun ò dẹ́ṣẹ̀ rí. Wọ́n wá pe Sìdíkátù. Ó ka ìwé rẹ̀. Àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ́ kan jókòó lẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ọn. Sìdíkátù ò wo ibẹ̀, síbẹ̀ ó ń rí i.

Lọ́yà ọ̀hún dìde. "Mà, ẹ ní ọmọ yín ń lọ ọsibítù. Èwo ni?"

"Olúwa mi, mo takò ó," ni Olúrẹ̀mí wí kíá. "Ẹ̀rù ń ba ìdílé yìí."

Adájọ́ ronú díẹ̀. Ó yíjú sí Sìdíkátù. "Mi ò ní fipá mú yín. Àmọ́ bẹ́ ẹ ò bá dáhùn, mo lè má fi bẹ́ẹ̀ gbé ìdájọ́ mi lé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ìyókù tẹ́ ẹ kà, mo gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn gan-an ló tìtorí ẹ̀ wá. Àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ́ náà tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ dáadáa.

"Ẹ dáríjì mí, sà," ni Sìdíkátù wí. Ó ká ìwé rẹ̀ pọ̀. "Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà."