Wákàtí Mẹ́rin Ààbọ̀

Bọ́ọ̀sì tó ń fi òru rìn ni obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń kọ àkókò: ìgbà tí wọ́n gbéra, ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àti iye wákàtí tí ìrìn àjò náà gbà. Ọ̀gá wọn kì í fi àkókò ṣeré rárá. Nítorí èyí làwọn awakọ̀ fi sọ obìnrin náà ní Ìyá Ìṣẹ́jú. Ó kọ́kọ́ bínú sí orúkọ náà, nígbà tó yá, ó ń jẹ́ ẹ.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń yìn, nítorí bó bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ, kò sẹ́ni tó tún ń fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣe ń pa dé, tí awakọ̀ ń fi ọkọ̀ sẹ́yìn kúrò ní ibùdó, ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ṣé ẹ ti gbéra?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra báyìí ni. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Bí ebi bá pa ọ́ lójú ọ̀nà, jọ̀ọ́, má jẹ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn o."

Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù rẹ̀ fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná ti tán nínú rẹ̀.

Wọ́n dúró pẹ́ díẹ̀ lórí afárá kan tí wọ́n ń tún ṣe. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó gbójú sókè wo agogo ńlá tó wà lára ògiri ibùdó. Agogo kan ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ṣe ìṣirò, ó sì kígbe sí awakọ̀ pé, "Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta! Afárá yẹn ti jẹ wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o!" Awakọ̀ ju ọwọ́ sókè, ó sì wa bọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, tòun ti ìwé àkókò nínú rẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú ni ẹsẹ̀ fi ń gbé e délé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí iná ní ilé ìdáná, ó sì ń ṣe kàyéfì pé kí ni ọkọ òun ń ṣe lójúfò. Ìgbà tó wọlé ló rí i nílẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́bàá garawa omi, fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi náà. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nígbà tó gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú tó sì fi í sílẹ̀, ọwọ́ náà jábọ́ bí aṣọ tútù.

Ó pariwo orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Ọkùnrin náà sáré gòkè láìwọ bàtà.

"Ọkọ mi kékeré, gbà mí! Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kú lọ!"

"Kò níí kú. Ẹ gbá a lẹ́sẹ̀ mú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gbé e sínú mọ́tò àbúrò náà. Ọ̀nà dá páropáro, síbẹ̀ lójú obìnrin náà, mọ́tò náà kò kúrò lójú kan. Orí ọkọ rẹ̀ wà ní itan rẹ̀, ó sì ń ka mímí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé èyí tó kà tán yẹn lè jẹ́ ìkẹyìn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tẹjú mọ́ aláìsàn náà, ó ní kó gbé apá méjèèjì sókè. Ọ̀kan ṣoṣo ló dìde. Wọ́n gún un níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà wá yíjú sí ìyàwó.

"Mà, ó jọ rọpárọsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè tú u. Àmọ́ láàrin wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré la lè fún un, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ lè ju èrè rẹ̀ lọ. A ò mọ ìgbà tó ṣubú. Ìgbà tẹ́nìkan mọ̀ kẹ́yìn pé ara rẹ̀ ṣì dá la ó fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìgbà wo ni?"

"A sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń ṣàwàdà. Ó tó... ó tó agogo mẹ́wàá báyìí."

Dókítà wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Agogo méjì ti kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ agogo mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjì ló kù.

"Ṣé mẹ́wàá gan-an ni? Ẹ fara balẹ̀, mà."

Fara balẹ̀ kẹ̀? Èèyàn tó ń ka ìṣẹ́jú jẹun, orí rẹ̀ ṣófo bí igbá. Fóònù tirẹ̀ ti kú, ti ọkọ rẹ̀ wà nínú omi, ìwé àkókò wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó dijú. Agogo ńlá ara ògiri ló kọ́kọ́ padà sí i lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni ariwo tó pa mọ́ awakọ̀.

"Dókítà, ẹ dúró. Ìgbà tá a gbéra gan-an la jọ sọ̀rọ̀. Agogo kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú la gúnlẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la lò lójú ọ̀nà." Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìka rẹ̀. "Bí mo bá yọ wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú kúrò nínú rẹ̀, mo ti padà sí agogo méjìlá òru. Ó wá ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tún yọ ìyẹn kúrò nínú méjìlá. Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni!"

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé: 22:55. "Àyè ṣì wà títí di agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn. Ẹ gbé e lọ ya àwòrán orí rẹ̀ kíá!"

Wọ́n tì í lọ. Obìnrin náà àti àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò ya nínú ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Ó tún sọ fún un láìfi bò pé oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, pé nígbà mìíràn èèyàn lè tibẹ̀ kú. Obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé.

"Inú yàrá oògùn ni oògùn yẹn wà. Ẹ sáré gbé ìwé yìí lọ, mà, èmi ń ki abẹ́rẹ́ tí oògùn máa gbà wọlé bọ iṣan apá rẹ̀," ni dókítà wí.

Ó sáré. Ọkùnrin apòògùn tó wà lẹ́yìn fèrèsé gba ìwé náà, ó wo agogo, ó fa ẹ̀rọ ìṣirò mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́. Ó mi orí.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ó ti kọjá. Òfin ò gbà mí láyè kí n fún yín."

"Ó kọjá báwo?"

"Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la wà. Mo fi mẹ́rìnlélógún kún un nítorí ọjọ́ ti yí, ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti mẹ́wàá. Mo yọ méjìlélógún àti márùndínlọ́gọ́ta kúrò. Ẹ wò ó." Ó yí ẹ̀rọ náà sí i. 4.55 ló wà lójú rẹ̀. "Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta."

Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, aláṣọ funfun ló tẹ̀ ẹ́. Ta ni òun tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì? Ó ti ń yí padà láti lọ sọ fún wọn pé ó ti tán, ìgbà náà ni ìṣirò náà takú sí i lọ́kàn. Láti agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún sí méjìlá òru, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti méjìlá òru sí ìsinsìnyí, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá fèrèsé náà.

"Ẹ̀rọ yín ń purọ́! Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni!"

"Ìyá, ẹ̀rọ kì í..."

"Ẹ gbọ́ mi! Ẹ fẹ́ yọ márùndínlọ́gọ́ta kúrò nínú mẹ́wàá, kò tó, ẹ̀rọ bá yá wákàtí kan. Ọgọ́rùn-ún ló kà á sí! Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló ń jẹ́ wákàtí kan, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún! Ogójì ìṣẹ́jú tí kò sí níbì kankan lẹ fẹ́ fi gé ẹ̀mí ọkọ mi kúrú yẹn!" Ó tún gbá fèrèsé náà. "Ẹ fọwọ́ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kà á!"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè wò ó. Ó fa bébà kan, ó kọ ọ́. Ọgọ́ta àti mẹ́wàá jẹ́ àádọ́rin, yọ márùndínlọ́gọ́ta, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, yọ méjìlélógún, ó ku mẹ́rin. Ó ṣí fíríìjì, ó mú oògùn náà, kò sì nawọ́ rẹ̀ sí obìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń sáré.

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni dókítà fi abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí i, ó sì so ìyókù rọ̀ kó máa kán fún wákàtí kan. Nọ́ọ̀sì kan dúró tì í, ó ń wọn ìfúnpá rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìyàwó dúró sí ìsàlẹ̀ ibùsùn. Ẹ̀rù tuntun ni ó ń bà á báyìí: òun ló sọ pé àkókò kò tíì kọjá, òun ló pariwo títí wọ́n fi fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣi agogo ara ògiri yẹn wò ńkọ́? Ó tún un kà, ó tún un kà. Mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún náà ló ń bọ́ sí nígbà gbogbo, síbẹ̀ kò mú ẹ̀rù náà lọ.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún náà mira. Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Ó mira lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ wò ó, ó sì fi ahọ́n wúwo sọ pé, "Omi."

Dókítà ní wọn ò tíì lè fún un lómi, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó lè gbé nǹkan mì. Obìnrin náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ògiri mú, ó sì bì.

Àwòrán tí wọ́n tún yà ní ọjọ́ kejì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò ya. Apòògùn náà wá, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú òru náà, pé òun ti sọ fún ọ̀gá òun ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà ní kó lọ sùn.

Oṣù mẹ́rin ni télọ̀ fi tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnnì. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àmọ́ ìlà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fà kò tíì tọ́ tán. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a fà á, télọ̀ fúnra rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa pariwo pé kó má ba aṣọ òun jẹ́.