Ìpínrọ̀ Tí Mouniratou Kò Fẹ́ Kọ

Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tchaourou máa ń pè mí ní Tata Oníbínú, ìyẹn Àǹtí Oníbínú, bí mo bá yíjú, mo sì ń gbọ́ wọn. Ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní Faransé ní Savè kí n tó fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí mo ra kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ẹni tó bá gbé lẹ́tà burúkú wá síwájú mi, n ò lè rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Mouniratou lọ́jọ́ náà, ká ní ọ̀rọ̀ ṣeé gbé mì padà ni, ǹ bá gbé e mì.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, láti abúlé Sanson. Oumarou bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu àti kajú. Ọdún 2012 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì yege dáadáa. Àjọ kan ní Cotonou fẹ́ fún ọmọ mẹ́wàá ní búrúsì, kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì láìsan kọ́bọ̀. Bí Mouniratou kò bá rí i gbà, a jẹ́ pé ìwé rẹ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè rán an ní ilé ìwé. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọn kò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ni fáìlì náà gbọ́dọ̀ bá lọ.

Gbogbo ìwé ti pé, àfi ìpínrọ̀ kan nínú lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n ní kí ó sọ ohun kan tó ti ṣe láwùjọ tó fi hàn pé ó yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń wá, kó má sì ju àádọ́jọ ọ̀rọ̀ lọ.

Mo ka èyí tó kọ́kọ́ gbé wá. “Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù ní gbogbo agbègbè yìí. Mo ní ọgbọ́n, mo ní ìfaradà, mo sì jẹ́ aṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé mi.”

“Ta ló kọ èyí fún ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n kan ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Tata. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.”

“Ó purọ́ fún ẹ. Gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn ló máa ní òun gbọ́n. Ta ni yóò kọ ọ́ pé òun gọ̀? Pa á rẹ́.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ òmíràn. Nígbà tó gbé e wá, inú bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Èmi ọmọ kékeré tí kò mọ nǹkan kan, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo bẹ yín nítorí Ọlọ́run.”

“Ṣé ilé ọkọ lo ń lọ ni, àbí agbe lo fẹ́ ṣe?” Mo ju bébà náà padà sí i. “Ìgbéraga ló wà nínú tàkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú èyí, kò sì sí ìwọ Mouniratou nínú méjèèjì. Gbọ́ mi. Má sọ irú ẹni tí o jẹ́. Sọ ohun tí o ṣe. Níbo, nígbà wo, pẹ̀lú ta ni, kí ló yí padà, kí ni kò tíì yí padà. Bí o bá sọ ìyẹn bó ṣe rí, wọn á fúnra wọn sọ pé o gbọ́n. Ọjà tó dára, fúnra ẹ̀ ló ń ta ara ẹ̀.”

Ó ń fi ìka ká etí bébà náà.

“Tata, n ò ṣe nǹkan kan rí.”

“Ní ọdún mẹ́tàdínlógún? O ò ṣe nǹkan kan?”

Ó ní àwọn obìnrin abúlé àwọn máa ń ta kajú fún oníbàárà tó ń gbé ìwọ̀n tirẹ̀ wá. Nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n rí i pé ìwọ̀n náà ń purọ́. Wọ́n gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì tí wọn kò tíì tú lé e lórí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àádọ́ta kílò ni àpò sìmẹ́ńtì. Mẹ́tàlélógójì ni ìwọ̀n náà kọ.

Mo dìde lórí àga. “Nǹkan kan nìyẹn! Kọ ọ́.”

“Ìyá mi ló ṣe é, Tata. Kì í ṣe èmi.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo wà níbẹ̀.”

Ìyá rẹ̀, Tawakalitou, ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo ní kí ó kọ ọ́ bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é. Ó kọ ọ́. Ìyá mi rí i, ìyá mi sọ ọ́, ìyá mi dúró, ìyá mi kò bẹ̀rù. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyá. Ìwé náà dùn ún kà, ó sì lè mú ènìyàn sunkún, ṣùgbọ́n kò lè gba búrúsì fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ta ni ó ń dán ìwọ̀n wò lọ́dọọdún láti ìgbà tí ìyá ti kú. Ó ní òun ni, fún obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kí ó kọ ọ́ nígbà náà. Ó mi orí. Ó ní ènìyàn kì í fi iṣẹ́ òkú ṣe tirẹ̀.

Aago méjì ti lù. Ara mi gbóná. Mo ní, “Ṣé ìyá ẹ ló ń wá yunifásítì? Ṣé sàréè ni wọn yóò gbé búrúsì lọ?”

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ọmọ náà kò sunkún sókè. Ó yí ojú sí ògiri, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ojú tì mí gidigidi, mo sì bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan, Tata.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, bàbá gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kó tó lè lọ. Oumarou ga, ó gbẹ, eruku ọ̀nà Sanson bò ó títí dé fìlà. Ó kí mi, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo na bírò sí i, kò gbà á.

“Ẹ má bínú, Madamu. Mi ò mọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ka sí, ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi ní èdè wa.”

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un ní Nàgó, títí kan ìpínrọ̀ yẹn. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ti rí i pé ìwọ̀n ń purọ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ló rí i?”

“Ìyá mi ni, Baba,” ni Mouniratou wí.

“Ìyá ẹ tí kò mọ oókan yàtọ̀ sí eéjì?”

Oumarou jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ fìlà.

“Madamu, ọmọ yìí ló rí i. Ó tọ ìyá rẹ̀ wá, ó sọ ọ́ sí i létí. Sìmẹ́ńtì náà, òun ló ní ká gbé e. Ìyá rẹ̀ ní kó pa ẹnu mọ́, òun ni yóò sọ ọ́. Oníbàárà náà bínú, kò wá sí Sanson mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kajú wà nílẹ̀, ẹnìkan ò rà á. Àwọn obìnrin tó gbèjà gan-an ló ń bú u. Aríjàgbá ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí oníbàárà míràn gbé ìwọ̀n tó dára dé, wọn kò gba orúkọ yẹn padà. Wọ́n fi sin ín.”

Ó ń wo ilẹ̀.

“Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní Tawa, kí ló dé tí o ò sọ pé ọmọ ni? Ó ní bí wọ́n bá mọ̀, wọn á ní ọmọ ọdún méjìlá ń pe àgbà ní olè. Wọn ò ní gbàgbé. Ó ní kí wọ́n máa bú òun, ara òun gbà á. Ó ní kí n má sọ ọ́. N kò sọ ọ́ rí, àfi lónìí.”

“Mo rò pé mo kàn sọ ọ̀rọ̀ ni,” ni Mouniratou wí. “Òun ló lọ dúró níwájú wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró níwájú ẹ. Kò sí níbẹ̀ mọ́ láti dúró, Mouni. Sọ tìrẹ fúnra rẹ.”

Mo dìde fún Mouniratou, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. N kò bá a dá sí i púpọ̀. Ibi tó ti kọ “pẹ̀lú ìgboyà ńlá”, mo ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́. Ibi tó ti kọ “mo kàn”, mo ní kó yọ “kàn”, ó wò mí, ó yọ ọ́. Ohun tó kù nìyí:

“Ní ọmọ ọdún méjìlá, mo ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ra kajú ní abúlé wa kò péye. Mo dábàá pé kí a gbé àpò sìmẹ́ńtì àádọ́ta kílò lé e. Mẹ́tàlélógójì ló fi hàn. Ìyá mi, Tawakalitou, ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú oníbàárà, òun ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Oníbàárà míràn gbé ìwọ̀n tó péye wá lẹ́yìn náà. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi ni mò ń dán ìwọ̀n wò fún obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè. Àwọn abúlé tó yí wa ká kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Mo fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí n lè bá wọn náà ṣiṣẹ́.”

Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níbẹ̀. Mo ti ka lẹ́tà ọmọ púpọ̀ láyé mi, n kò rí èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Oumarou ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún ka ibi tí orúkọ ìyàwó òun wà. Mo tún un kà. Ó ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún kà á, omi ti lé sí mi lójú díẹ̀, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ka. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù. Mouniratou di fáìlì náà mọ́ àyà, ó sáré gba ibi bọ́ọ̀sì lọ.

Mo ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà kan, mo ní kí Oumarou máa mú un lọ sílé, kó fi pamọ́, n kò ní gba nǹkan kan. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wò ó, ó yí i po, ó wá ibi tí orúkọ náà wà, kò rí i. Mo fi ìka mi hàn án.

“Madamu,” ló wí, “bí wọ́n bá mú ọmọ yìí lọ, ta ni yóò máa kà á fún mi?”

Mo ní kó máa gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ó dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.