Ẹran Ojúgun Nínú Ìkòkò Àǹtí

Ìwọ tí ò ń ka èyí, gbọ́ o. Bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò dáa bá wà nílé rẹ, má fi ègé ẹran kan dá gbogbo ìkòkò lẹ́jọ́. Má ṣe é. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Ní Benin la wà, lápá Ekenwan Road, nígbà àwọn ṣọ́jà, lọ́dún tí kẹrosíìnì di ohun tí à ń tò fún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ọkọ mi, Bàbá Tìmílẹ́hìn. Apá òsì rọ, ẹsẹ̀ òsì rọ, ẹnu wọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀fun. Iṣu lásán ló há a lọ́jọ́ kan. Ojú rẹ̀ yọ síta, ètè rẹ̀ dúdú, kò sì lè ké. Mo gbá a lẹ́yìn, mo gbá a, títí iṣu fi bọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ń jẹun, èmi gan-an kì í lè mí dáadáa. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí mo lọ̀ kúnná ni mò ń fún un.

Ìgbà náà ni Àǹtí Títíloyè, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dé láti Ọ̀wọ̀. Mo dàgbà jù wọ́n lọ, àmọ́ ilé ọkọ ni mo ti bá wọn, nítorí náà àǹtí ni wọ́n jẹ́ fún mi. N kì í pe orúkọ wọn létí wọn. Bí wọ́n bá ní ká ṣe nǹkan, mi ò lè sọ pé rárá.

Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n bú sẹ́kún.

"Ìyàwó, ẹ̀kọ lo fi ń bọ́ ẹ̀gbọ́n mi? Ọkùnrin tó ń jẹ ẹran bí ẹkùn!"

"Àǹtí mi, ọ̀fun ni."

"Ọ̀fun kẹ̀? Ebi ni!"

Ọkọ mi ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹran," ó ní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í já gaara mọ́, ṣùgbọ́n ẹran yẹn já gaara.

Àǹtí lọ sọ́jà. Ọ̀dọ̀ Sùlè alápatà ni wọ́n ti rà á, níbi tí èmi náà ti ń ra ẹran sí ìrẹsì tí mò ń tà. Mo tú náílọ́ọ̀nù ẹran náà. Oríṣi mẹ́ta ni, Sùlè sì ti gé gbogbo rẹ̀ níwọ̀n kan náà.

"Mo ní kó fún mi ní èyí tó máa rọ̀," Àǹtí ní. "Ó ní, 'Mama, all na meat.' Ó ń rẹ́rìn-ín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Igẹ̀ wà níbẹ̀, ẹran àyà màlúù, ọ̀rá pẹlẹbẹ lé e lórí, ẹran náà sì gùn ní fọ́nrán bí okùn. Igẹ̀ máa ń rọ̀ bí iná bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ bí a ò bá gé e dábùú fọ́nrán rẹ̀, ó lè rọ̀ tán kó ṣì fà bí òwú. Òwú nínú ọ̀fun ọkọ mi kẹ̀! Èjìká wà níbẹ̀, ọ̀rá tín-tìn-tín wọnú ẹran rẹ̀ káàkiri. Ìyẹn ló ń tètè rọ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojúgun ló kù, ẹran ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Kò lọ́ràá, iṣan funfun ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ ìrìn ló ṣe títí wọ́n fi pa á, kì í gbà fún iná kíákíá.

"Kí lò ń ṣà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà?"

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ojúgun kaná. Bó bá ti ń dẹ̀, ká wá da èjìká sí i."

"Kẹrosíìnì dà, tí a ó fi se ìkòkò méjì?"

"Ìkòkò kan náà ni, mà. Ọ̀kan á ṣáájú ni."

"Ìyàwó, o ò fẹ́ kí ọkọ rẹ jẹ ẹran. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo ti ẹran náà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n bomi sí i, wọ́n gbé e ka sítóòfù. Mo jókòó ti ìkòkò yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò. Ẹran ń hó, mò ń wò. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti dákẹ́.

Nígbà tó yá, iná sítóòfù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń tú èéfín. Kẹrosíìnì ti tán. Àǹtí fi ṣíbí gbé ègé kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Wọ́n fi sẹ́nu.

"Ó ti jinná! Ó rọ̀ bí àkàrà."

Èjìká ni. Mo rí i pé èjìká ni.

"Àǹtí mi, ẹ tún wo òmíràn."

"Ẹran inú ìkòkò kan kì í jinná kó ku òmíràn."

Wọ́n bu ọbẹ̀ sínú abọ́, wọ́n wọ yàrá. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọkọ mi ti la ẹnu kí wọ́n tó jókòó. Mo rí ègé tí wọ́n mú: iṣan funfun yí i po, ó ń dán. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ẹran ti wọlé. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó jẹ ẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi yìí ló tì wọ́n. Mo fa ọkọ mi tẹ̀ síwájú, mo gbá a lẹ́yìn, mo tún gbá a. Ẹran náà bọ́ sórí ẹní. Ó mí. Ohùn èémí yẹn dà bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà.

"O tì mí, Ìyàwó?"

Mo mú ojúgun mìíràn nínú abọ́ náà, mo nà án sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jẹ ẹ́."

Wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ síbí, wọ́n jẹ ẹ́ sọ́hùn-ún, eyín wọn sì pé. Nígbà tó ṣe, wọ́n tu ú sátẹ́lẹwọ́. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n fi ìbòrí wọn bojú.

Mo gbé ìkòkò lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ṣa èjìká àti igẹ̀ kúrò, mo fi ojúgun nìkan sílẹ̀, mo bu omi kún un, mo gbé e ka èédú tí mo fi ń se ìrẹsì tí mò ń tà. Èédú kì í yára. Omi náà kò hó gùdù, ó kàn ń mí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọmọrí. Àǹtí jáde wá, wọ́n ń fẹ́ iná fún mi. Ojú oòrùn ti rọ̀ kí iṣan funfun yẹn tó yọ́. Ó dẹ̀ bí ẹ̀kọ, ó wọnú omi, ọbẹ̀ náà ki, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Kò sí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ojúgun. Bí èédú àti àkókò bá wà, òun ni ọba ẹran tí à ń rọra sè; bí wọn ò bá sí, èjìká ni kó o rà.

Mo tẹ ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka mi. Gbogbo wọn. Mo fọ́ wọn sínú omi ọbẹ̀, mo bu ṣíbí kékeré kan, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀fun ọkọ mi.

Ó gbé e mì. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lọ.

"Ṣé ó lọ?" mo bi í.

"Ó lọ."

"Ṣé ó lọ tán? Kò dúró níbì kan?"

"Ó lọ."

Mo bu òmíràn. Ọbẹ̀ kán sí i láyà, mo nù ún.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kò há yín?"

Ó wò mí, ó wo ṣíbí.

"Mi ò dáhùn mọ́," ó ní, ó sì la ẹnu.