Oògùn Inú Òfìfo

Ummusalamah fi ìbòrí bo àpá ọrùn rẹ̀, ó jókòó níwájú Dókítà Olúdáìsí ní Ẹnúgu. Wọ́n ti gé táyírọ́ọ̀dù, ẹṣẹ́ inú ọrùn rẹ̀, kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà ló lọ gba áyódíìnì onítànṣán n'Íbàdàn, kó lè jó ìyókù tí ọ̀bẹ kò rí. Nígbà tó padà sí Ẹnúgu, Rita, ìyàwó Qasim ọmọ rẹ̀, wà nínú oyún, wọ́n sì ní kó má sún mọ́ aboyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ìtànṣán tó wà lára rẹ̀. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn l'Ásàtà, ó gba yàrá kan sí Ugwuaji. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọ̀hún di oṣù. Rita bímọ, wọ́n sọmọ lórúkọ. Orí fóònù ni ìyá àgbà ti gbọ́ orúkọ náà.

"Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò jáde ná, Ìyá," ni Qasim máa ń wí.

Àyẹ̀wò wá jáde. Kò dára.

"Ìyá mi," ni dókítà wí, "ohun kan wà tí ọpọlọ máa ń rán sínú ẹ̀jẹ̀. Bí jẹjẹrẹ yìí bá ṣẹ́ kù, òun ló lè jí i. Oògùn àárọ̀ yín ló ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ó ti wálẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, ó tún ti gòkè. Àbí ẹ ti pa oògùn tì?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò fo ọjọ́ kan!"

"Báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

Ummusalamah wò ó. Láti ìgbà tó ti ń dá gbé, kò sẹ́ni tó bi í bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá a.

"Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo kó gbogbo rẹ̀ lò pọ̀ nídìí sààrì, òun àti kásíọ̀mù, oògùn egungun. Mo fi ògì onímílíìkì sìn ín lọ. Ìyá mi ní oògùn kì í wọ inú òfìfo."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá ò mọ eléyìí. Kásíọ̀mù àti mílíìkì ló dì í mú, wọn ò jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Inú òfìfo gan-an ló ń fẹ́, omi lásán, kó tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹun. Kásíọ̀mù di ọ̀sán. A ó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àmì jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀ o, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọmọ ọmọ mi ńkọ́?"

"Áyódíìnì ti kúrò lára yín tipẹ́. Ẹ lọ gbé e!" Ó gba fóònù ìyá, ó pe Qasim, ó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ásàtà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Mama, welcome," ni Rita wí. Ó ká aṣọ ọmọ nípọn lé itan ìyá ọkọ rẹ̀, kó tó gbé ọmọ lé e. "Make e no piss for your body." Ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ọmọ. Qasim ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́ tí Rita fi gbé ọmọ náà padà. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá sùn síbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dá aṣọ padà, Rita mi orí, kò fọwọ́ kàn án: "Make Mama carry am go."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní Ugwuaji, Ummusalamah fi omi lásán gbé oògùn rẹ̀ mì. Ó bo ògì, ó gbé kásíọ̀mù jìnnà. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ aṣọ náà lé itan. Ó ṣì ń rùn wàrà. Ó ń dúró kí wákàtí pé.